Ká tó lẹ súfíìsì mọ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, mà. Ọ̀bà-Ilé níbí l'Ákùúrẹ́ la wà, ọmọ mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdírì. Ẹsasáìsì Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n máa ń kọ ọ̀rọ̀ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n á ní kó yí i padà kó tó fi dí àlàfo, ló ń dà á láàmú. Ó ti há súfíìsì, àwọn ègé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìparí ọ̀rọ̀, sórí tán, síbẹ̀ ó ń kọ "decidement", ó ń kọ "honestness". Kí ni kó ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o, mà. Ó dáa gan-an tí ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣì wọ̀nyẹn ránṣẹ́, torí wọ́n sọ nǹkan fún mi nípa ọmọ yẹn. Ọmọ tó kọ "decidement" ti mọ̀ pé náónù, ìyẹn ọ̀rọ̀-orúkọ, ni ibẹ̀ ń fẹ́, ó sì mọ̀ pé "-ment" wà lára ohun tó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ. Bákan náà ni "honestness", ó mọ̀ pé "-ness" máa ń sọ ọ̀rọ̀-àpèjúwe di ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìdajì iṣẹ́ ló ti ṣe yẹn. Ibi tó ti ń kọsẹ̀ ni pé ó rò pé gbogbo súfíìsì tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ kan náà lè dúró fún ara wọn, Gẹ̀ẹ́sì ò sì gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní èyí tó ń bá a rìn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ó nídìí tó fi ń ṣe àwọn ọmọ tiwa bẹ́ẹ̀ o. Nínú Yorùbá, iwájú la ti máa ń lẹ nǹkan mọ́ ọ̀rọ̀, a kì í lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, a ní ìlọ, a ní apẹja, a ní oníṣòwò. Ohun tí a sì ń lẹ̀ mọ́ ọn náà kì í yan ọ̀rẹ́. Ẹ mú "àì-" wò, ẹ fi síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá wù yín, àìsùn, àìjẹun, àìlọ, àìgbọ́ràn, kò sí èyí tó máa ní òun ò gbà. Ọmọ tó gbọ́ èdè yẹn dàgbà á rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni "-ment" àti "-ness" ṣe ń ṣiṣẹ́, pé tó bá ti mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ó ti parí. Torí náà ẹ má bínú sí i, kì í ṣe pé ó ń ṣe ọ̀lẹ. Ó kàn jẹ́ pé ó gbájú mọ́ súfíìsì nígbà tó yẹ kó ṣì máa wo gbólóhùn ni.

Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní káwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ṣe ni kí wọ́n fi ìka bo ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn mọ́lẹ̀. Bí ojú bá ti lè rí DECIDE báyìí, ọkàn á ti sáré lọ sídìí súfíìsì, ọmọ ò sì ní ka gbólóhùn mọ́. Tó bá ti bò ó, kó ka gbólóhùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ibi tí ó dúró, kó wá fi ọ̀rọ̀ kékeré kan tó mọ̀ dáadáa dí àlàfo yẹn, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu. Ká ní ohun tí wọ́n kọ ni "She made a difficult ..... about the farm". Ọmọ yín á ní "choice", tàbí kó ní "plan". Ó dáa, irú ọ̀rọ̀ wo ni "plan"? Ọ̀rọ̀-orúkọ ni. Ohun tí àlàfo yẹn ń fẹ́ nìyẹn, kò tíì sídìí tó fi yẹ kó ronú kan súfíìsì kankan.

Kó wá wo àwọn aládùúgbò àlàfo náà láti fi jẹ́rìí sí i. Tí "a", "an", "the", "my" bá ti wà lọ́wọ́ òsì, ọ̀rọ̀-orúkọ kan gbọ́dọ̀ jáde níwájú kí gbólóhùn yẹn tó dúró, àmọ́ ó lè má jẹ́ òun ló kàn tààrà torí ọ̀rọ̀-àpèjúwe lè kọ́kọ́ bọ́ sáàárín, ìdí nìyẹn tó fi gbọ́dọ̀ wo ọwọ́ ọ̀tún náà. Nínú "a difficult ..... about", kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ kankan láàárín "a" àti "about", torí náà àlàfo yẹn ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ "It was a ..... decision", ọ̀rọ̀-orúkọ ti wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni àlàfo ń fẹ́. Àwọn ọ̀rọ̀ bí "of", "for", "without", "about" náà, ohun tí wọ́n máa ń tọ́ka sí jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "without ..... " á fẹ́ "permission", kò ní fẹ́ "permit" tó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe.

Fún ádífáàbù, ìyẹn ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kó yọ àlàfo náà kúrò pátápátá kó tún gbólóhùn kà. "The buyer opened the sack ....." Tó bá yọ ọ́, "The buyer opened the sack" ṣì dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, kò sí nǹkan tó já, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ló wà níbẹ̀, ó kàn ń sọ bó ṣe ṣí i ni. Ẹ kíyè sí i ṣá, ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó wà láàárín "a" àti ọ̀rọ̀-orúkọ náà ṣeé yọ láìjẹ́ pé gbólóhùn wó. Nítorí ẹ̀ ni mo fi ní kó kọ́kọ́ wo "a" àti "the" kó tó ṣe ti yíyọ. Àwọn ọmọ tó bá fi ti yíyọ ṣáájú máa ń lẹ "-ly" mọ́ gbogbo nǹkan.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá a jókòó sí dáadáa, torí ọmọ tó mọ̀wé gan-an ṣì máa ń ṣubú níbẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí. "The children looked ....." àti "The children looked ..... at the pounded yam". Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, HUNGER. Ọmọ máa ń rò pé níwọ̀n ìgbà tí "looked" ti jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ohun tó bá tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé, á wá kọ "hungrily" síbi méjèèjì. Kó yọ "looked", kó fi "were" síbẹ̀. "The children were hungry", ìyẹn ṣì ní ìtumọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ nǹkan kan náà ni gbólóhùn àkọ́kọ́ ń sọ, torí náà ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni, "hungry". Àmọ́ ẹ wo "The children were at the pounded yam", kì í ṣe ohun tí gbólóhùn kejì ń sọ nìyẹn rárá, ojú ni wọ́n fi ń wo iyán níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wò ó la fẹ́ mọ̀, nítorí náà "hungrily" ló bá a mu. Bí "feel", "smell", "taste", "sound" ṣe ń ṣe náà nìyẹn, àti "seem" àti "become" tí wọn kì í fẹ́ ọ̀rọ̀-àpọ́nlé sí iwájú wọn láé tó bá jẹ́ pé ẹni náà tàbí nǹkan náà ni wọ́n ń júwe. Ọbẹ̀ "smells nice", kì í "smell nicely".

Tó bá ti mọ irú ọ̀rọ̀ tó yẹ, ó tún ku ìbéèrè kékeré kan kó tó ṣí ìka kúrò. Ṣé rere ni gbólóhùn yìí ń sọ ni àbí búburú? Ṣé ẹnì kan ni àbí ẹni púpọ̀? Ọ̀pọ̀ máàkì ló ń lọ síbẹ̀, torí ọmọ á kọ "fortunately" tó péye, tí gbogbo sípẹ́lì ẹ̀ pé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tó kù nínú gbólóhùn jẹ́ pé òjò ba nǹkan jẹ́, "unfortunately" ló sì yẹ kó wà níbẹ̀. Gbogbo súfíìsì ayé ò lè gbà á sílẹ̀ níbẹ̀, àfi kó ka gbólóhùn.

Ó yá, ká wá ṣí ìka. Ọ̀rọ̀-orúkọ la fẹ́, DECIDE ni wọ́n fún wa. Kí ló dé tí kì í fi í ṣe "decidement"? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá torí ó máa ń jẹ́ kó yé àwọn ọmọ. Èdè Látìnì ni "decide" àti "decision" ti ṣẹ̀ wá, àwọn méjèèjì wà lọ́hùn-ún kí wọ́n tó wọ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ sì gba ọ̀dọ̀ àwọn Faransé kọjá. Torí náà kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan tó jókòó tó mú "decide", tó wá ń wá súfíìsì tó máa lẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀-orúkọ yẹn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá sì ti Látìnì wá, tó jọ ara wọn níparí, máa ń yí bákan náà, ohun tó yẹ kọ́mọ há sórí gan-an nìyẹn, dípò súfíìsì lásán.

Ẹ wo àwọn tó parí sí "-de". Decide, decision. Divide, division. Conclude, conclusion. Explode, explosion. Invade, invasion. Persuade, persuasion. "-de" ń lọ, "-sion" ń wọlé, kò yẹ̀. Ọmọ tó bá ti rí mẹ́fà yẹn tò síbì kan, kò ní kọ "decidement" mọ́ láé, tí wọ́n bá sì gbé "collide" tí kò rí rí fún un, á lè kọ "collision". Àwọn tó parí sí "-mit" náà ní ti wọn, permit, permission, admit, admission. Àwọn "-ceive" ń di "-ception", receive, reception, deceive, deception. "-scribe" ń di "-scription", bí i describe, description. Àwọn ọ̀rọ̀ kúkúrú bí "ride" àti "hide" ò sí nínú ìdílé yìí o, Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ fúnra ẹ̀ ló ni wọ́n, wọn ò ní "-sion" kankan. "Guide" náà yàtọ̀, "guidance" ni tiẹ̀.

Ibi tí kò sí òfin wà, mi ò sì ní pa irọ́ fún yín pé ó wà. "Arrive" di "arrival", "refuse" di "refusal", "agree" di "agreement", "appear" di "appearance". Kò sí nǹkan kan lára "arrive" tó máa sọ fún ọmọ pé "-al" ni, kò lè wò ó kó mọ̀. Ẹ̀kọ́ kíkà àti kíkọ ló máa gbìn ín sí i lọ́kàn. Ó tún láwọn tí sípẹ́lì ìdí ọ̀rọ̀ ń yí padà, tíṣà sì mọ̀ pé ibẹ̀ lọmọ á ti ṣubú, ìyẹn ni wọ́n fi ń fẹ́ràn láti fi wọ́n ṣe ìdánwò: "explain" á sọ "i" ẹ̀ nù, á di "explanation", "pronounce" á sọ "o" kan nù, á di "pronunciation", "maintain" á di "maintenance", "argue" á gé "e" dànù, á di "argument".

Ti "honest" wá ńkọ́? Ọ̀rọ̀-àpèjúwe tó ń di ọ̀rọ̀-orúkọ ni, níbí sì rèé, "-ness" ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́mọ lọ́kàn torí ó rọrùn, kì í sábà yí nǹkan kan. "-ness" dáa fún àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú, kind, kindness, dark, darkness, happy, happiness níbi tí "y" ti ń di "i". Àmọ́ tí ọ̀rọ̀-àpèjúwe bá ti parí sí "-able" tàbí "-ible", kó gbàgbé "-ness", "-bility" ló máa ń jẹ́ jù, responsible, responsibility, able fúnra ẹ̀ náà, ability. Tó bá parí sí "-ant" tàbí "-ent", "t" yẹn ló máa ń di "ce", important, importance, patient, patience, silent, silence. Tó bá parí sí "-ate", ó sábà máa ń di "-acy", accurate, accuracy, private, privacy. "Honest" ò sí nínú ìkankan wọn, "y" péré ló ń gbà, "honesty", òun àti "difficult" tó ń di "difficulty". Àwọn kan tún wà tó máa yí ikùn ẹ̀ padà, strong di strength, long di length, deep di depth, proud di pride. Wọn ò pọ̀, kó mọ wọn lórúkọ lórúkọ.

Ohun tí mo kórìíra ni kí tíṣà sọ fún ọmọ pé "-ous" máa ń di "-osity" kó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, curious di curiosity, generous di generosity, ṣùgbọ́n nervous di nervousness, serious di seriousness. Ìdílé yẹn pín sí méjì. Ọmọ tí wọn ò bá sọ fún á kọ "nervosity" á sì máa rò pé òun ti gbà á.

Ti ọ̀rọ̀-àpọ́nlé ló kù, òun ló sì rọrùn jù nínú gbogbo ẹ̀ tọ́mọ bá gbà láti gbé ẹsẹ̀ méjì. "-ly" máa ń jókòó lórí ọ̀rọ̀-àpèjúwe, kì í sábà jókòó lórí ọ̀rọ̀-orúkọ láti di ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Tí wọ́n bá fún un ní CARE, kò lè bọ́ sí "-ly" tààrà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di "careful" kó tó di "carefully", "l" méjì sì ni, ọ̀kan láti ara "-ful", ọ̀kan láti ara "-ly". SUCCESS náà, successful, successfully. Kó kọ èyí tó wà láàárín sí ẹ̀gbẹ́ pépà pẹ̀lú pẹ́ńsù, kó má ṣe é lọ́kàn. Sípẹ́lì tó yẹ kó mọ̀ kò pọ̀: "y" ń di "i", easy, easily, "-le" ń jẹ́ kí "e" lọ, gentle, gently, possible, possibly, "true" ń sọ "e" nù, truly, "-ic" ń gba "-ally", basic, basically, àyàfi "public" tó ní "publicly" lòun fẹ́. Kó sì ṣọ́ra fún "friendly", ó ní "-ly" lára, ọ̀rọ̀-àpèjúwe ni. "Hardly" pẹ̀lú, ìtumọ̀ ẹ̀ ti yà kúrò lára "hard": ẹni tó "works hard" ń ṣiṣẹ́ kára, ẹni tó "hardly works" ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ẹyọ kan ká ṣe é látòkè délẹ̀. Mo kọ ọ́ fún un fúnra mi, ọ̀rọ̀ kòkó ni, torí kò sẹ́ni tí kò mọ kòkó ní Oǹdó níbí, kò ní máa ro ìtàn yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Two ..... came from Akure to see the cocoa. BUY

One of them looked ..... at the scale. SUSPECT

He said its ..... could not be trusted. ACCURATE

....., rain had fallen on the beans, FORTUNE

and some of them were ..... for sale. SUIT

My aunt, who is known for her ....., told the men before they asked. HONEST

Àkọ́kọ́. "Two" wà lósì, "came" wà lọ́tùn-ún, ẹni tó ń wá ni wọ́n ń bèèrè, ọ̀rọ̀-orúkọ ni, èèyàn sì ni. Buy, buyer. Ọ̀pọ̀ á kọ "buyer" wọ́n á kọjá lọ, àmọ́ "two" ti sọ̀rọ̀ tán, "buyers" ni. Àìfi "s" yẹn kún un ti sọ máàkì odidi nù.

Ìkejì, ẹ rántí "looked". Ẹ fi "was" dípò ẹ̀, "One of them was at the scale", ìtumọ̀ ti yà, ojú ló fi ń wo òṣùwọ̀n, nítorí náà ọ̀rọ̀-àpọ́nlé la ń wá. SUSPECT jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kò lè gba "-ly". Ọ̀rọ̀-àpèjúwe ẹ̀ ńkọ́? "Suspicious", ẹ wò ó, "ect" ti kúrò, "icious" ti wọlé. Ó wá di "suspiciously". Ọmọ tí kò bá mọ "suspicious" á kọ "suspectly" tàbí "suspectfully", ẹ ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹsẹ̀ àárín ló fò.

Ìkẹta, "its" wà lósì, "could" wà lọ́tùn-ún, kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn, àlàfo ló gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ. Accurate parí sí "-ate", accuracy. Tó bá kọ "accurateness", ẹ má sọ pé irọ́ ni pátápátá, ó wà nínú dikíṣọ́nárì ńlá, àmọ́ "accuracy" ni gbogbo ayé ń sọ, òun ni kó kọ.

Ìkẹrin ló dá wà níwájú gbólóhùn, kọ́mà sì tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ti rí àlàfo kan níbẹ̀rẹ̀ tí kọ́mà gé e kúrò lára àwọn tó kù, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé tó ń sọ èrò ẹni tó ń kọ̀wé nípa gbogbo gbólóhùn náà ló sábà máa ń jẹ́. Fortune, fortunate, fortunately. Òjò wá rọ̀ sórí kòkó tó yẹ kó máa gbẹ lóòrùn, ta nìyẹn dùn mọ́? "Unfortunately" ni, lẹ́tà ńlá ni kó sì fi bẹ̀rẹ̀ torí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn ni.

Ìkarùn-ún, "were" ló ṣáájú, "for sale" ló tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀-àpèjúwe. Suit, suitable. Ẹ má jẹ́ kó dúró níbẹ̀. Òjò ti rọ̀ sí i, "some of them" ni wọ́n sì sọ, ìyẹn ni pé apá kan ti bàjẹ́, "unsuitable" ló gba gbólóhùn yẹn. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìlà tó ṣáájú ló fi í hàn, tó bá ń ka ìlà kan ṣoṣo, kò ní rí i.

Ìkẹfà, "her" lósì, kọ́mà lọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀-orúkọ, honesty.

Ọ̀nà tí ẹ fi máa mọ ibi tó ń dun ọmọ yín gan-an ni pé kí ẹ wo irú àṣìṣe tó ṣe, kí ẹ má kàn ka máàkì. Tó bá kọ "accurately" síbi ìkẹta, kò wo aládùúgbò àlàfo, kó padà sídìí ìka tó fi ń bò ó. Tó bá kọ "accuration", ó mọ irú ọ̀rọ̀ tó yẹ, ìdílé ni kò mọ̀. Tó bá kọ "accurasy", sípẹ́lì ni. Tó bá kọ "suitable", ìtumọ̀ ni kò kà. Oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, tí ẹ bá sì ń fún ẹni tí kò wo àlàfo ní súfíìsì kún súfíìsì, ẹ kàn ń dá a lágara ni. Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ránṣẹ́ yẹn, àwọn àṣìṣe tiẹ̀ jẹ́ ti ìdílé, kì í ṣe ti àlàfo, ohun tó dáa nìyẹn.

Ẹ ra nóòtù kékeré fún un, kó pín ojú ìwé sí ọ̀nà mẹ́rin, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-orúkọ, ọ̀rọ̀-àpèjúwe, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣì nìkan ni kó kọ síbẹ̀, kó fi dikíṣọ́nárì wá àwọn ìdílé ẹ̀, torí dikíṣọ́nárì máa ń to àwọn tó bá ọ̀rọ̀ náà tan sí tòsí ara wọn. Kó kọ gbólóhùn kan sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, gbólóhùn tó ti ara ẹ̀ wá, nípa ilé, nípa ìjọ, nípa ọjà Ọba tẹ́ ẹ jọ ń lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀, kó mú ìpínrọ̀ kan nínú ìwé kíkà ẹ̀, kó dà á kọ, kó yọ ọ̀rọ̀ bíi márùn-ún kúrò kó fi ìdí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní lẹ́tà ńlá, bí i ti tíṣà. Ẹ bá a gbé e pamọ́ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ẹ tó dá a padà fún un láti ṣe. Ọmọ tó bá ń yọ ọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀ máa ń rí bí àlàfo ṣe ń ṣiṣẹ́ ju ẹni tó ń dí i lọ. Ẹ máa gba sípẹ́lì ẹ̀ ní pàtàkì o, torí nínú ìdánwò Cambridge tó ń jẹ́ B2 First, tí apá kẹta ẹ̀ jẹ́ irú ẹsasáìsì yìí gan-an pẹ̀lú àlàfo 8, ọ̀rọ̀ tí sípẹ́lì ẹ̀ bá ṣì ò ní máàkì kankan, kì í ṣe ìdajì.

Kó fi "decide" ṣe àkọ́kọ́: decide, decision, decisive, decisively. "Honest" ló tẹ̀ lé e, níbẹ̀ á rí i pé ọ̀rọ̀-orúkọ wà, honesty, ọ̀rọ̀-àpèjúwe wà, honest, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé wà, honestly, àmọ́ kò sí ọ̀rọ̀-ìṣe. Kó fa ìlà kọjá níbẹ̀, kó má lọ dá èyí tí kò sí sílẹ̀.